Èèyàn Mélòó? Bí Ẹ̀ka Ilé-Ìwé Ṣe Lè Gbé Ìṣúná Rẹ̀ Kalẹ̀ Láti Orí Òdo

Ọdún tí wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka kẹ́mísírì ní ilé-ìwé girama kan, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lẹ́yìn lábù. Ìgò ásíìdì háídírókílórìkì márùn-ún ni mo bá níbẹ̀, lítà méjì ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò tíì já ìdérí wọn. Lọ́jọ́ yẹn kan náà mo ka búrẹ́ẹ̀tì wa, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jẹ́ kí ásíìdì máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, márùn-ún nínú wọn sì ń jò. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ló ń múra ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ lọ́dún náà. Ásíìdì tó lè lò fún ọ̀pọ̀ ọdún wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n kò tó.

Kò sẹ́ni tó jí owó. Nígbà tí mo lọ wo ìwé ìṣúná ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ní ọ́fíìsì bọ́sà, mo rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọdún kìíní, ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n ra ásíìdì ìgò méjì. Ní ọdún kejì, olórí ẹ̀ka da ìwé náà kọ, ó sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé iye owó rẹ̀ nítorí ọjà tó wọ́n. Ọdún kẹta àti ìkẹrin náà rí bẹ́ẹ̀. Búrẹ́ẹ̀tì kò sí nínú ìwé ọdún kìíní nítorí pé gbogbo rẹ̀ ṣì tuntun nígbà yẹn, nítorí náà kò sí nínú ìwé kankan lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tó bá ti wọ inú ìwé kò jáde mọ́, ohun tí kò bá sì sí níbẹ̀ kò rí ọ̀nà wọlé.

Bí ẹ bá lọ bá alásè pé ẹ fẹ́ ṣe ìkómọ, kò ní bi yín pé ìrẹsì wo ni ẹ rà nígbà ìkómọ ọmọ yín àkọ́kọ́. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni: èèyàn mélòó? Ìdáhùn yẹn ló máa fi mọ iye kóńgò ìrẹsì, iye orí adìẹ, àti ìkòkò tó máa gbé wá. Ìṣúná láti orí òdo kò ju kí ẹ̀ka ilé-ìwé máa ṣe bí alásè. Lọ́dọọdún, gbogbo ìlà inú ìwé yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Kò sí náírà kan tó ní àyè kìkì nítorí pé ó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti wá

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Peter Pyhrr, ló fún ọ̀nà yìí ní àpẹrẹ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Texas Instruments. Ní ọdún 1970, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà tí Yunifásítì Háfáàdì ń gbé jáde lórí òwò. Jimmy Carter, tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1971, ka àpilẹ̀kọ náà, ó sì pe Pyhrr kó wá bá a fi ṣètò ìṣúná ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí Carter di ààrẹ ní ọdún 1977, ó gbé e lọ sí ìjọba àpapọ̀. Ìjọba Ronald Reagan ló pa á tì ní ọdún 1981.

Ohun méjì tí Pyhrr dá sílẹ̀ ló wúlò fún wa jù. Èkíní, kí a má ṣe pín ìṣúná sí orúkọ ọjà, bíi kẹ́míkà, gíláàsì, ìwé. Kí a pín in sí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe. Èkejì, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ tó lè dá dúró, èyí tí mo ń pè ní ìdì ìpinnu. Ẹni tó ní àṣẹ lè gba ìdì kan wọlé kó sì dá òmíràn padà, láìtú gbogbo ìwé ká.

Fún ẹ̀ka kẹ́mísírì wa, iṣẹ́ mẹ́rin ni mo rí nígbà tí mo jókòó tì í: ààbò nínú lábù, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe fún kíláàsì àṣekágbá, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe fún kíláàsì tó tẹ̀lé e, àti ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ omi ní Aṣéjìrẹ́. Owó oṣù àwọn olùkọ́ kò sí níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Ohun tí ẹ̀ka ní agbára lórí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ̀ka gbé ka orí òdo.

Ìṣirò tó ń tú àṣírí

Ẹ jẹ́ kí á mú iṣẹ́ kíláàsì àṣekágbá, kí á sì ṣí i wò dáadáa. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe tó gba kẹ́míkà jù ní kẹ́mísírì ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jẹ́ kí ásíìdì kán sínú sódíọ́ọ̀mù háídírọ́sáídì títí àwọ̀ yóò fi yí padà. Ó máa ń fa mílílítà 25 sódíọ́ọ̀mù náà sínú fíláàsìkì lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún ìdánwò ọwọ́, lẹ́yìn náà yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ìdáhùn tó dúró. Ìyẹn jẹ́ mílílítà 100. Tí a bá ka èyí tí yóò fi ṣan pìpẹ́ẹ̀tì àti èyí tó máa dà sílẹ̀ mọ́ ọn, mílílítà 150 tó fún akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Èèyàn mélòó? Ogójì. Nítorí náà, lítà mẹ́fà ni kíláàsì náà ń lò fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò, lítà kan sódíọ́ọ̀mù háídírọ́sáídì gba gíráàmù mẹ́rin péré. Lítà mẹ́fà gba gíráàmù 24. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni a pinnu láti ṣe iṣẹ́ náà kí ìdánwò tó dé, nítorí náà gbogbo ohun tí kíláàsì àṣekágbá nílò fún ọdún kan jẹ́ gíráàmù 240. Ìgò kan tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ gíráàmù 500. Bí kíláàsì tó tẹ̀lé e bá tilẹ̀ lo ìwọ̀n kan náà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 480, ìgò kan ṣì gbé e.

Ìgò mẹ́rin ni wọ́n rà lọ́dún tó ṣáájú. Sódíọ́ọ̀mù háídírọ́sáídì kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi pamọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìgò tí a bá ṣí tí a kò dé dáadáa yóò di òkúta, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ní ṣeé gbára lé mọ́. Èyí tó ṣẹ́kù láti ọdún ìjelòó kò wúlò fún ìdánwò. Kẹ́míkà tí a rà lárà-jù kò di ìpamọ́. Ó di pàǹtírí.

Ti ásíìdì tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ásíìdì inú ìgò lágbára púpọ̀, mílílítà mẹ́jọ ààbọ̀ tó láti fi po lítà kan. Lítà mẹ́fà gba nǹkan bíi mílílítà 51. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún jẹ́ mílílítà 510, ti kíláàsì méjèèjì sì jẹ́ lítà kan lé díẹ̀. Lítà méjìlá ààbọ̀ ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ásíìdì ọdún méjìlá ni. Lórí ìlà ásíìdì, ohun tí mo kọ sí iye tí a máa rà ni òdo, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Ìwé fún ìnáwó kọ̀ọ̀kan

Àwọn olùkọ́ kan rò pé ìṣúná láti orí òdo ti parí nígbà tí iye tuntun bá ti jáde. Iye láìsí ìwé tó ti í lẹ́yìn kò yàtọ̀ sí ti ọdún tó kọjá. Ohun tí mo fi ń dán ìwé wò ni pé bí ẹni tí kò mọ lábù wa bá gbé e, ó gbọ́dọ̀ lè tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀, kó sì bọ́ sí iye kan náà. Ojú-ìwé kan tó fún ohun kan. Bí ti búrẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyí:

Ohun tí a fẹ́: búrẹ́ẹ̀tì mílílítà 50.
Iṣẹ́ tó wà fún: iṣẹ́ àfọwọ́ṣe kíláàsì àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún.
Iye tí iṣẹ́ náà ń fẹ́: 20. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 ni, ọ̀wọ́ méjì, ọ̀pá kan fún ẹnì kan.
Àfikún fún fífọ́: 2, gẹ́gẹ́ bí ìwé ohun tó fọ́ láàárín ọdún mẹ́ta ṣe fi hàn.
Èyí tó wà nílẹ̀ tó sì dára: 9, a kà á níwájú òṣìṣẹ́ lábù, a kọ ọjọ́ sí i.
Tí a máa rà: 20 + 2 − 9 = 13.
Ọ̀nà mìíràn: ẹ wo ìsàlẹ̀.
Bí a kò bá rà á: ọ̀wọ́ márùn-ún ni kíláàsì máa pín sí, iṣẹ́ kan yóò gba àkókò márùn-ún dípò méjì.

Ìlà ọ̀nà mìíràn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni owó sábà máa ń ti padà wá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ní láti bi ara mi pé ṣé rírà nìkan ni ọ̀nà. Mo pe òṣìṣẹ́ lábù wa, ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn márùn-ún tó ń jò yìí, ṣé wọ́n ti kú pátápátá?” Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan wò sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, “Méjì ti sán lẹ́nu, ẹ jù wọ́n nù. Àwọn mẹ́ta tó kù, ẹnu ẹ̀rọ wọn ló gbẹ. Ẹ fún mi ní fasilín díẹ̀.” Ó tú ẹnu ẹ̀rọ gíláàsì náà, ó nù ún, ó fi fasilín pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì tún un dè. A rọ omi sí wọn, a fi wọ́n sílẹ̀ di ọ̀sán, ọ̀kankan kò sì jò.

Mẹ́sàn-án di méjìlá. Mo tún ìlà náà kọ: 20 + 2 − 12 = 10. Búrẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí a kò rà mọ́ wá láti inú ìbéèrè kan ṣoṣo tí ìwé náà fi dandan mú mi béèrè.

Lẹ́yìn èyí ni iye owó. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò mẹ́ta ni kí ẹ ti gba ìwé iye owó, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, kí ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń tà sì bá ara mu. Ìgò gíráàmù 500 lọ́dọ̀ ẹnì kan kò ṣeé fi wé ìgò gíráàmù 250 lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí tó bá kéré jù kọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ mú ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú èyí tó wọ́n jù, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Níwọ̀n bí ọjà ti ń yí padà, ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìjà nígbà tí owó bá fi oṣù mẹ́ta pẹ́ kí ó tó jáde.

Títo àwọn ìdì, àti ibi tí ìlà máa bọ́ sí

Nígbà tí gbogbo ìwé bá pé, ẹ kó wọn jọ sábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì to àwọn iṣẹ́ náà láti orí èyí tí a kò gbọ́dọ̀ má ṣe dé orí èyí tó lè dúró. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí, ẹ fi ti ọjà àdúgbò yín rọ́pò wọn.

Ààbò ló wà lókè: awò ààbò ojú 20 ní ₦2,500 jẹ́ ₦50,000, ohun ìtọ́jú pàjáwìrì sì jẹ́ ₦10,000. Ìyẹn ₦60,000. Kíláàsì àṣekágbá ló tẹ̀lé e: búrẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ní ₦9,000 jẹ́ ₦90,000, sódíọ́ọ̀mù háídírọ́sáídì ìgò kan jẹ́ ₦8,000, omi dísítíìlì kẹ́ẹ̀gì márùn-ún sì jẹ́ ₦25,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦123,000. Kíláàsì tó tẹ̀lé e gba ₦97,000, ìrìn-àjò Aṣéjìrẹ́ sì gba ₦90,000 fún ọkọ̀ àti oúnjẹ.

Bí ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀, ẹ máa ro wọ́n pọ̀: ₦60,000, lẹ́yìn náà ₦183,000, lẹ́yìn náà ₦280,000, lẹ́yìn náà ₦370,000. Ká ní ₦300,000 ni ọ̀gá àgbà ní fún ẹ̀ka náà, abẹ́ ìdì kẹta ni ìlà máa bọ́ sí. Ìrìn-àjò wà lábẹ́ ìlà. Ọ̀gá àgbà rí i kedere pé ₦70,000 ló kù kí àwọn ọmọ lè lọ, ó sì lè gbé ìdì kan ṣoṣo yẹn lọ síwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Nínú ìwé àtijọ́, wọn ì bá gé ìdá díẹ̀ lára gbogbo ìlà, a ó ra búrẹ́ẹ̀tì tí kò tó, a ó sì gba ọkọ̀ tí kò lè gbé gbogbo ọmọ.

Ìwé ò parí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ra nǹkan láàárín ọdún, ẹ kọ nọ́ńbà rìsíìtì sórí ojú-ìwé ohun náà gan-an, pẹ̀lú iye tí ẹ rà á ní tòótọ́. Bí ó bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ, ìlà kan péré tó láti sọ ìdí. Ẹ fi ìwé ohun tó fọ́ kọ́ sára ògiri lábù, kí òṣìṣẹ́ lábù máa kọ ọjọ́ àti ohun tó fọ́ sí i. Láìsí ìwé yẹn, iye àfikún fún fífọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ yóò tún di ohun tí a fi ẹnu sọ.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́

Àléébù àkọ́kọ́ ni àdàkọ tó wọ aṣọ tuntun. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sọ pé orí òdo ni wọ́n ti gbé ìṣúná ọdún 2016 kalẹ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari gbé lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Kò pẹ́ tí àwọn aṣòfin àti aráàlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun kan náà tí wọ́n kọ léraléra sínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, sọ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ pé iye tó wà nínú ìwé kì í ṣe èyí tí iléeṣẹ́ òun kọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ti wọ ẹ̀ka yín, ẹ mú ìlà mẹ́ta láìṣàyàn, kí ẹ sì béèrè ìṣirò wọn. Ẹni tó kọ ọ́ láti orí òdo yóò sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ fún yín. Ẹni tó da ti èṣí kọ yóò sọ iye tí wọ́n ná lọ́dún tó kọjá.

Àléébù kejì jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Olórí ẹ̀ka kan lè to ohun tí ilé-ìwé kò lè kọ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bíi awò ààbò ojú, kí ó sì gbé ohun tó wu òun sókè, nítorí ó mọ̀ pé wọn yóò wá owó fún ti ìsàlẹ̀ náà dandan. Ìdí nìyí tí olùkọ́ kan kò fi gbọ́dọ̀ dá títo ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá àgbà, bọ́sà àti olùkọ́ ẹ̀ka mìíràn jókòó tì í, kí wọ́n bi í léèrè bí a bá gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ìlà, kí ni ohun búburú tó máa ṣẹlẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ojú ọmọ lè bàjẹ́, ibi tí kò yẹ ni ìdì náà wà.

Àléébù kẹta ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba èmi àti òṣìṣẹ́ lábù ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí a tó ka gbogbo nǹkan tán, a sì wà lẹ́nu kíkọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ kan náà. Ìwé rẹpẹtẹ ni ẹ̀sùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fi kan ọ̀nà yìí nígbà Carter. Ilé-ìwé lè yẹra fún un bí ẹ̀ka bíi mẹ́ta bá ń bọ́ sórí òdo lọ́dún kan, tí àwọn yòókù sì ń dúró de ọdún tiwọn. Ní ọdún tí kò kan ẹ̀ka kan, ohun méjì péré ni kí ó tún kà: iye akẹ́kọ̀ọ́, àti ohun tó wà nílẹ̀. Àwọn méjì yẹn ló ń yí gbogbo ìṣirò padà.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àṣekágbá wa di méjìdínláàádọ́ta. N kò tún gbogbo ìwé kọ. Mo mú ojú-ìwé búrẹ́ẹ̀tì jáde, mo fi 24 rọ́pò 20, mo wo ògiri lábù láti mọ iye tó fọ́, mo sì ka èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí bọ́sà bi mí pé kí ló dé tí búrẹ́ẹ̀tì tún fi wà nínú ìwé mi, mo na ojú-ìwé náà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ro ó, ó sì fọwọ́ sí i.